Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń gba ìpè, àmọ́ kò gbé orin: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan lóṣù tó kọjá, ti ọdún 2008 ni, wọ́n sì wà á wọ Kétu lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò, máa bọ̀ jàre. Téèyàn bá pè mí, ohùn ẹ̀ ń jáde nínú rédíò ọkọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n tí mo bá fi orin sí i, inú fóònù ló ti ń dún wíńwíń."

Kí n tó débẹ̀, ẹnì kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ti sọ fún wọn wípé rédíò ti bàjẹ́, kí wọ́n lọ ra tuntun. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n rédíò tí ìpè ń gbà jáde bẹ́ẹ̀, sípíkà ẹ̀ ṣì dáa nìyẹn, Búlútúùtù ẹ̀ náà ò kú.

Bọ́tìnì SRC ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ bà, torí ibẹ̀ ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ìpè ò nílò kéèyàn ṣílẹ̀kùn fún un, bóo wà lórí FM, bóo wà lórí CD, rédíò á dákẹ́ fúnra ẹ̀ kí ìpè lè wọlé. Orin ò ní irú àṣẹ yẹn, àfi kóo tẹ SRC títí tí BT Audio á fi jáde. Mo tẹ̀ ẹ́: FM, AM, CD, AUX, ó tún padà sí FM. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, BT Audio ò sí níbẹ̀.

Mo wá gba fóònù wọn, Nàìjíríà ni wọ́n ti rà á torí náà Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú ẹ̀. Mo wọ Settings, mo wọ Connected devices, mo tẹ àwòrán jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bọ́tìnì méjì lèèyàn máa rí níbẹ̀, Phone calls àti Media audio. Ti ẹ̀gbọ́n mi, Phone calls nìkan ni. Kì í ṣe wípé wọ́n pa Media audio o, kò sí níbẹ̀ rárá, àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Tó bá wà níbẹ̀ tó kàn jẹ́ wípé wọ́n pa á, tan án, ó parí, bó ṣe rí nínú ọkọ̀ àna mi kan ní Ìpóbẹ̀ nìyẹn, ìṣẹ́jú kan ò pé. Tí kò bá wá sí níbẹ̀, ó jẹ́ wípé nígbà tí fóònù bi ọkọ̀ wípé iṣẹ́ wo lo mọ̀, ọkọ̀ ní ìpè nìkan lòun mọ̀.

Nígbà míì ṣá, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn lè ṣàṣìṣe, torí náà mo pa orúkọ ọkọ̀ rẹ́ nínú fóònù, mo pa orúkọ fóònù rẹ́ nínú rédíò, mo tún so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni. Mo so fóònù yẹn mọ́ sípíkà télọ̀ tó wà lódìkejì, orin jáde. Mo so fóònù tèmi mọ́ ọkọ̀, ìpè nìkan. Ó ti hàn wípé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. "Ohùn ṣáà ni ohùn, kí ló dé tó ń gbé ọ̀kan tí kò gbé èkejì?" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀. HFP ni wọ́n ń pe ti ìpè. Ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ sí maikirofóònù ọkọ̀, ẹlòmíì ń dáhùn, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà rárá, torí tó bá pẹ́ ẹ ó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara yín. Kó lè yá, wọ́n bu ohùn náà kéré: 8,000 ìgbà péré ni wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti tuntun ń ṣe 16,000, kò sì sí ọ̀tún kò sí òsì, ojú kan ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. A2DP ni ti orin. Òun ń lọ ni, kì í bọ̀, kò ní maikirofóònù nínú, ṣùgbọ́n ó ń gbé ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 44,100 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì máa ń kó díẹ̀ jọ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, torí orin tó pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, ta ló máa mọ̀? Ẹni tó ṣe rédíò yìí fi HFP sí i, kò fi A2DP sí i, kò sí ohun tá a lè tẹ̀ nínú fóònù tó máa kọ́ ọ níṣẹ́ tí kò mọ̀.

Ọmọ wọn ní òun mọ àpù kan tó ń fipá gba orin lọ́nà ìpè. Mo ní ó dáa, gbé e wá. Rédíò kọ ọ́ wípé ẹnì kan ń pè, orin bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rín pa mí: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti sọnù pátápátá, ó ku gángan tó ń dún bíi ẹni wà nínú garawa. Ìdí ni wípé ohùn tí wọ́n ń wọn ní 8,000 ìgbà kò lè gbé ohun tó bá ga ju 4,000 hẹ́tì lọ, òkè ibẹ̀ gan-an sì ni ṣíṣá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbé.

AUX ló gbà wá. Mo ra rìsífà Búlútúùtù kékeré kan ní ọjà, ó ń ṣe A2DP, wáyà ẹ̀ wọ ihò AUX, iná ẹ̀ wá láti ihò sìgá. A ṣíná ọkọ̀, ariwo hùùù kan ń jáde, tí wọ́n bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ná ó ń ga sí i. Àlítánétọ̀ nìyẹn, iná rìsífà àti wáyà ohùn jọ ń lo négétíìfù ọkọ̀ ni ariwo ṣe rọ́nà wọlé. Mo fa á yọ kúrò níbi iná, bátìrì inú ẹ̀ gbé e, ariwo dákẹ́. Ilé ni wọ́n ti ń fi iná sí i báyìí.

Ìyàwó wọn wá pè, a gbọ́ aago, ẹ̀gbọ́n mi gbé e, ìyàwó wọn ń gbọ́ wa bíi ẹni wà nínú kànga, torí rìsífà náà ní maikirofóònù tiẹ̀, fóònù sì ti gbé ìpè lọ bá a lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbẹ̀. Mo padà sí àwòrán jíà, mo pa Phone calls fún rìsífà, mo fi Media audio sílẹ̀, ti ọkọ̀ wà lórí Phone calls tiẹ̀. Fóònù lè di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. (Ẹni tó ń lo Àìfóònù ò ní rí bọ́tìnì méjèèjì yìí, kó wá rìsífà tí kò ní maikirofóònù.) A ní kí wọ́n tún pè: orin dúró, ìpè gba rédíò kọjá, wọ́n parí ọ̀rọ̀, orin bẹ̀rẹ̀ padà níbi tó dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n mi wà á dé Ìlárá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní bọ́tìnì orí ìdarí ń mú ohùn ga, ṣùgbọ́n kò yí orin sí òmíì. Mo ní kò lè yí i, wáyà AUX ohùn nìkan ló ń gbé, kò lè gbé àṣẹ padà sí fóònù, rìsífà fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n máa tẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ wọ́n ṣì ń wá rédíò tuntun.