Ẹ má kọ "Ẹ ra tiyín" sí ọ̀rọ̀ ìdáwójọ yín

Ní Kàbà la ti ṣe eré káàdì wa, eré àwọn alájàpá tó ń ra iṣu ní Ìsánlú wá tà lọ́jà Kàbà. Àbúrò mi tó ń gbé Lọ́ndọ̀nù ló ṣí ojúewé ìdáwójọ rẹ̀ lórí Kickstarter, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń dáwó fún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe; èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ mi ni "Ẹ tètè ra tiyín." Mo kà á fún àǹtí mi tó ń ta gaàrí. "Ọ̀kun o, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "tí mo bá rà á lónìí, ọjọ́ wo ni mo máa rí i gbà?" Ojú tì mí. Ẹni tó ń dáwó fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì rí ọ̀rọ̀ náà "rà", á gbà pé ọjà ti wà nílẹ̀. Kò sí ọjà kankan nílẹ̀. Owó tó fẹ́ dá gan-an la máa fi tẹ káàdì.

Ẹ má sì fi wé èésú. Nínú èésú, owó rẹ ń padà bọ̀ wá bá ọ. Níhìn-ín, eré lò ń retí, ó sì lè pẹ́ ju oṣù tí a dá.

Ohun tí mo wá kọ síbẹ̀ nìyí: "Àpótí kan, £20. A ò tíì tẹ̀ ẹ́. A ń wá £5,000 láàárín ọjọ́ 30. Tí kò bá pé, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó yín. Tó bá pé, ọjọ́ tí ìdáwójọ bá parí ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú káàdì báńkì yín." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kickstarter nìyẹn: iye náà gbọ́dọ̀ pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí nǹkan kan.

Iye tí ẹ ń wá yẹn náà, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló máa dé ọwọ́ yín. Ká ní ènìyàn 250 dá £20 kọ̀ọ̀kan. Kickstarter á mú ìdá 5 nínú 100, ìyẹn £250. Ètò ìsanwó á mú ìdá 3 pẹ̀lú 20 pẹ́ńsì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ £200. Ó ku £4,550. Tí títẹ̀ bá gba £4,800, a ti ṣèlérí ohun tí agbára wa ò ká.

Mo tún ti kọ òfin eré kún ojúewé méjì. Mo pa á rẹ́, mo fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀: o fi káàdì Alájàpá ra iṣu mẹ́ta, òjò bà ọ̀nà jẹ́, o ní láti pinnu bóyá o máa tà á ní ẹ̀dínwó tàbí kó o dúró de ọjọ́ ọjà míì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti náwó lọ́jà rí á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Owó ìfiránṣẹ́ ńkọ́? Abẹ́ £20 gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí: èyí tó ń lọ sí Lọ́ndọ̀nù, èyí tó ń lọ sí Kàbà, kí ẹ má tì í sí ìsàlẹ̀ ojúewé.