Houston sí Los Angeles nínú mọ́tò: kí ló dé tí ọjọ́ méjì ò tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ méjì tún fẹ́ wa mọ́tò láti Houston lọ Los Angeles. Máàpù ní nǹkan bíi wákàtí 23 ni. Lọ́dún tó kọjá, a pín in sí ọjọ́ méjì, ká sun El Paso, àmọ́ ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Fort Stockton. Oorun ń gbé ọkọ mi, iná epo ti tàn, hòtẹ́ẹ̀lì sì ti kún. Níbo la ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìgbà tí táyà ń yí nìkan ni máàpù ń kà. Houston sí El Paso tó máìlì 750, ìyẹn wákàtí 11 láìdúró rárá. Ẹ wá dúró ní wákàtí méjì-méjì, ogún ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi ìṣẹ́jú 45 jẹun ọ̀sán: ó ti lé ní wákàtí 13. Ẹ jáde láago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá lórí aago Houston kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Wákàtí 11 yẹn gan-an ni òfin Amẹ́ríkà gbà pé kí awakọ̀ tírélà, tó ń fi í jẹun, wà mọ jálẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin kó ọmọ dání.

Mi ò ní fọwọ́ sí ju nǹkan bíi máìlì 400 lóòjọ́ fún yín. Ìlú tẹ́ ẹ máa sùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Lójú ọ̀nà I-10, ọjọ́ mẹ́rin ló bá yín mu: Houston sí Sonora, máìlì 370, Sonora sí Las Cruces, 425, Las Cruces sí Phoenix, 390, Phoenix sí Los Angeles, 370.

Ẹ wo ọjọ́ kejì, tó gùn jù. Ẹ kúrò ní Sonora láago méje. Fort Stockton jẹ́ máìlì 140. Ẹ rọ epo, káwọn ọmọ na ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ awakọ̀. Van Horn jẹ́ 120 sí i. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹun. Ẹ tún sinmi díẹ̀ ní El Paso, ó wá ku máìlì 45. Ẹ ó ti dé Las Cruces kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù lórí aago Sonora. Aago ibẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ tún máa lọ, torí ara yín ò mọ̀ pé aago ti yí. Ìwọ̀ oòrùn lẹ sì dojú kọ: tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú awakọ̀ gan-an ni oòrùn máa wà.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ pé oorun ti ń gbé awakọ̀, tó bá ń sọ pé kò rẹ òun?

Ìdáhùn: Ẹ bi í pé ìlú wo lẹ kọjá kẹ́yìn. Tí kò bá rántí, tàbí tí táyà bá ti ń gun ilà eteetí tó ń dún gbururu, kó yà síbi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí tó láàbò. Fèrèsé ṣíṣí àti orin ò lè lé oorun. Kó mu kọfí kan, kó sì sùn fún ogún ìṣẹ́jú, tàbí kí ìwọ gba ọkọ̀.

Ìbéèrè: Epo àti yàrá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ máa rọ epo tó bá ti kù ìlàjì. Àyè eré máìlì 80 ní wákàtí kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Texas, eré yẹn sì ń jẹ epo ju bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nígboro. Ká ní táńkì yín gba gálọ́ọ̀nù 15, tí gálọ́ọ̀nù kan sì ń gbé yín lọ máìlì 23, ó máa gbé yín dé 345. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún ìdádúró, ó ku nǹkan bí 260. Torí náà, ẹ má gbójú fo Fort Stockton àti Van Horn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì máa ń gba yàrá ní Fort Stockton, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ti gba tiyín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, èyí tẹ́ ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì ka aago tí àǹfààní ìfagilé náà máa dópin.

Ìbéèrè: Ṣé ohun kan wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn Las Cruces?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn aṣọ́bodè ní ibi àyẹ̀wò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìgbélùú yín wà nítòsí, kì í ṣe nísàlẹ̀ búùtù. Lẹ́yìn náà ni eruku. Ní àgbègbè Lordsburg àti láàárín Tucson sí Phoenix, ìjì lè gbé eruku tí ẹ ò fi ní rí imú ọkọ̀ yín. Ẹ má dúró lójú títì. Ẹ yà kúrò lọ́nà pátápátá, ẹ pa gbogbo iná, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, torí pé iná ẹ̀yìn yín ni ẹni tó ń bọ̀ máa tẹ̀ lé, táá fi wá gbá yín. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ títí eruku á fi kọjá.