Bí mo ṣe kọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yọ nínú àwòrán ìkòkò mi

Ìkòkò amọ̀ ni mo ń tà ní Adó-Èkìtì, Ìsàn-Èkìtì ni mo sì ti ń rà wọ́n. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìwé àwòrán ọjà, mo fi fóònù ya ìkòkò 14 níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá èèyàn tún àwòrán ṣe. Gbólóhùn kan péré ni mo kọ sí i: "Yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ìkòkò."

Ohun tí mo wí gan-an ló ṣe. Ó yọ òṣùká tí mo gbé ìkòkò lé, bẹ́ẹ̀ àti òṣùká àti ìkòkò ni oníbàárà ń san owó lé. Ó yọ òjìji abẹ́ ìkòkò pẹ̀lú, gbogbo wọn wá dà bí ohun tí kò fara kan ilẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, kò mọ ohun tí mo ń tà.

Mo bá jókòó, mo ń fẹ àwòrán kọ̀ọ̀kan lójú, mo ń wò ó láti igun dé igun. Mo wá kọ ohun tí mo fẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ fáìlì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àwòrán kẹta lórí fóònù mi lè jẹ́ ìkẹjọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀kan nìyí:

"IMG_0412.jpg. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù tó wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń wo àwòrán, àti òjìji bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Yọ wáyà tó gba ara ògiri kọjá, kí o fi àwọ̀ ògiri dí ojú ibẹ̀. Má yọ òṣùká, ìdérí àti òjìji ìkòkò. Àmì dúdú tó wà lára ìkòkò, iná ló fi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sun ún. Má fọwọ́ kàn án."

Àmì dúdú yẹn ká mi lára jù. Bí ó bá pa á rẹ́, ẹni tó rà á yóò rò pé ìkòkò mìíràn ni mo gbé fún òun.

Nígbà tó rí i, ó pè mí. "Mà, ní ti IMG_0419, ike tí ẹ ní kí n yọ bo ẹnu ìkòkò. Tí mo bá yọ ọ́, èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi ya ẹnu tí mi ò rí." Òótọ́ ni. Ohun tó wà lára ògiri rọrùn, torí ògiri yí i ká, a lè mú àwọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó bo ọjà fúnra rẹ̀ kò ní ohun tí a lè mú sípò rẹ̀. Mo tún ìyẹn yà lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí àwòrán dé, mo gbé ti àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní IMG_0412, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti lọ, ṣùgbọ́n búlúù rẹ̀ tó tàn sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i, ó mú àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì fi tún un ṣe, mo sì san owó tó kù.