Bí mo ṣe fi módẹ́ẹ̀lì inú ọ́fíìsì àti ti orí ayélujára ka ìwé àdéhùn 40

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló fẹ́ kí a fa ohun márùn-ún yọ nínú ìwé àdéhùn 40: orúkọ ẹni méjèèjì tó ṣàdéhùn, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, iye owó, àti iye ọjọ́ tí a ó fi sọ tẹ́lẹ̀ kí a tó jáwọ́. Módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ka ọ̀rọ̀ tó sì ń dáhùn, ni a fẹ́ lò. Ṣé kí wọ́n ra káàdì àwòrán kó máa ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ni, àbí kí wọ́n máa sanwó fún ti orí ayélujára? Mo fi ìwé kan náà àti ìbéèrè kan náà dán méjèèjì wò.

Ollama, ètò tó ń jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni, ni mo lò nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú módẹ́ẹ̀lì `llama3.1:8b`. Wọ́n ti fún wéètì rẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó fi ń ṣiṣẹ́, pọ̀ sí nǹkan bí bíìtì mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, fáìlì rẹ̀ kò sì ju jígábáìtì 4.9 lọ. Káàdì tó ní mẹ́mórì jígábáìtì 12 gbà á dáadáa.

Èsì àkọ́kọ́ ti inú ọ́fíìsì burú. Nínú àwọn ìwé tó gùn, ó ń kọ orúkọ ènìyàn tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní módẹ́ẹ̀lì kékeré ò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àṣìṣe náà: orúkọ, tó máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́, ló ń ṣì, ọ̀rọ̀ ìjáwọ́, tó wà nísàlẹ̀, ló ń gbà. Mo yẹ `prompt_eval_count` wò nínú ìdáhùn tí ẹ̀rọ dá padà. Òun ló ń sọ iye tókìn, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀, tí módẹ́ẹ̀lì kà. Àwọn ìwé náà tó nǹkan bí 6,500 tókìn, àmọ́ iye náà dúró sí 4096 lórí gbogbo wọn. Òpin tí wọ́n ti yàn sínú ẹ̀dà tí mo lò nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló ń gé dànù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ èyí sínú `Modelfile`:

```
FROM llama3.1:8b
PARAMETER num_ctx 16384
PARAMETER temperature 0
```

Lẹ́yìn náà:

```
ollama create adehun -f Modelfile
ollama run adehun "Pẹ̀lẹ́ o"
ollama ps
```

`num_ctx` ni àyè tókìn tí módẹ́ẹ̀lì lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, àyè yìí náà sì ń jẹ mẹ́mórì. Nínú módẹ́ẹ̀lì yìí, tókìn kan ń gba kílóbáìtì 128, nítorí náà 16384 á gba jígábáìtì méjì lórí 4.9 ti tẹ́lẹ̀. Tí `ollama ps` kò bá kọ `100% GPU`, apá kan ti bọ́ sórí CPU nìyẹn, iṣẹ́ á sì máa wọ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, orúkọ gún. Ibi tí ti orí ayélujára ti yọrí jù ni ọjọ́ ìparí. Ọ̀pọ̀ ìwé kò kọ ọjọ́ náà. Wọ́n á ní “oṣù 24 láti ọjọ́ ìbuwọ́lù”, módẹ́ẹ̀lì kékeré á sì kó ọjọ́ ìbuwọ́lù síbẹ̀. N kò ní kó ṣírò mọ́. Mo ní kó fa ọjọ́ ìbuwọ́lù àti iye oṣù yọ, kó sì da gbólóhùn tó ti rí wọn kọ bó ṣe wà. Tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ọjọ́ ìparí, ètò kékeré kan sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbólóhùn náà wà nínú ìwé lóòótọ́. Èyí tí kò bá sí, ènìyàn ni yóò kà á.

Ní ti owó, ìwé 40 ní 6,500 tókìn jẹ́ 260,000. Ìdáhùn ò tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tókìn ìdáhùn máa ń wọ́n ju ti ìbéèrè lọ. Mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó ń tà á fi ń dá iye lé e, nítorí náà bí ọ́fíìsì bá tilẹ̀ ń ka ìwé 40 lọ́sẹ̀, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ ni lóṣù. Káàdì kò lè pa owó ara rẹ̀ pẹ̀lú irú iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 50 láìṣe nǹkan kan, tí a kò pa tọ̀sán-tòru, á ti jẹ kílówáàtì-wákàtí 36 lóṣù.

Àṣírí nìkan ló lè mú kí wọ́n ra káàdì. Àwọn kan máa ń ní kí a bo orúkọ kí a tó fi ìwé ránṣẹ́, àmọ́ orúkọ gan-an la ń wá níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ lo ti orí ayélujára gbọ́dọ̀ ka àdéhùn olùtà náà: ọjọ́ mélòó ló ń fi ìwé pamọ́, ṣé ó sì ń fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì rẹ̀? Ti inú ọ́fíìsì náà lè jò o. `127.0.0.1:11434` ni Ollama ń dúró sí, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. Tí ẹnìkan bá yí `OLLAMA_HOST` sí `0.0.0.0` kí àwọn yòókù lè lò ó, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àlejò tó wà lórí wáífáì kan náà á rí i lò.

Ibi tí a parí sí ni pé ìwé tó ní orúkọ oníbàárà kò kúrò nínú ọ́fíìsì. Àwòṣe àdéhùn tí kò tíì ní orúkọ kankan, orí ayélujára ló ń lọ.