Bí a ṣe ń gbé ọmọ tó ń sùn kúrò lẹ́yìn wá sórí ibùsùn, kó má jí

Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tàbí àyà ìyá nìkan ló ti ń rí oorun sùn kò ṣàìsàn, ẹ kò sì bà á jẹ́. Bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ ṣì máa pọ̀n ọ́n. Kí imú àti ẹnu rẹ̀ ṣáà ti wà níta ìró. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́rin, tó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ni mò ń bá wí, bíi aládùúgbò mi kan tó ń ránṣọ ní Òkè-Fíà níbí ní Òṣogbo. Gbogbo oorun ọ̀sán ọmọ yẹn, ẹ̀yìn ni, ìbàdí ìyá sì ti ń pariwo.

Ẹ kò nílò bẹ́ẹ̀dì onígi olówó ńlá. Fóòmù tó le, tó tẹ́jú, tí ẹ tẹ́ sórí ẹní nílẹ̀ ti tó. Èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì gíga lọ, torí ẹ lè kúnlẹ̀ tì í. Kò gbọdọ̀ sí ìrọ̀rí, bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí ọmọlángidi níbẹ̀. Ìró tí ẹ ró sùn mọ́jú ni kí ẹ tẹ́ sórí fóòmù náà, kí ẹ ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù yíká kó le dáadáa, kí ọmọ lè máa gbóòórùn yín. Kí fáànù kọjú sí ògiri.

Oorun àárọ̀ nìkan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lẹ́yìn tó bá jí, torí òun ló rọrùn jù. Àwọn oorun yòókù, ẹ pọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń ṣe.

Wàyí o, ibi tí gbogbo wọn ti ń ṣubú rèé. Ìyá á tú ọ̀já, á tẹ̀ síwájú, á fa ọmọ yọ lápá kan, á wá gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù. Kí orí ọmọ tó kan fóòmù, ojú ti là. Wọ́n á ní ibùsùn ló kọ̀. Rárá. Àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáàn wo bí ọkàn àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe ń lù nígbà tí ìyá ń tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Ìgbà tí ara ọmọ ń kúrò lára ìyá ni ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó kan ibùsùn.

Nítorí náà, ẹ má gbé e láti ẹ̀yìn lọ tààrà sílẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti pa dé, ẹ jókòó, ẹ tú ọ̀já, kí ẹ fà á gba abẹ́ apá wá sí àyà, kí ara rẹ̀ má kúrò lára yín. Ó lè kùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kùn. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 8, ẹ má sáré. Ìpéǹpéjú tó ń mira àti ẹ̀rín ojú oorun fi hàn pé oorun rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́. Ẹ gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀: bó bá já wálẹ̀ bí aṣọ tútù, ó ti wọra.

Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀ títí àyà yín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóòmù. Ìdí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, orí gbẹ̀yìn. Bí orí bá ṣáájú, á rò pé òun ń já bọ́, apá méjèèjì á sì fò sókè. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn gìrì o. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ fi ọwọ́ kan sí àyà rẹ̀, ìkejì sí itan, ẹ ka 60. Ẹ yọ ti itan ná, kí ẹ tó yọ ti àyà díẹ̀díẹ̀. Bó bá jí, ẹ rọra máa fọwọ́ lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá fi igbe ta, ẹ gbé e. Oorun yẹn ti tán, ó di àárọ̀ ọ̀la.

Ti aládùúgbò mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló sùn lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú láti fo ìṣẹ́jú 8 yẹn, ọmọ kò sì sùn rárá. Lọ́jọ́ kẹta, 12. Lọ́jọ́ keje, 40, ó sì ń ráhùn pé ó kéré. Kò kéré: ibẹ̀ ni ìpele oorun kan máa ń parí sí lọ́jọ́ orí yẹn. Ìgbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ mú oorun kejì mọ́ ọn.

Àwọn ìyá àgbà á ní kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó lè sùn pẹ́. Lóòótọ́ ni yóò sùn pẹ́, ṣùgbọ́n irú oorun yẹn ni ikú òjijì ti ń pa ọmọ ọwọ́ jù. Ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀, lójoojúmọ́. Bí oorun bá sì ń kun ẹ̀yin fúnra yín nígbà tí ẹ gbé e mọ́ àyà lórí àga onífóòmù, ẹ dìde, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kódà bó máa jí. Àga yẹn léwu fún un ju igbe lọ.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ pọ̀n ọ́n. Bí ara bá ti yá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun àárọ̀.