Bí mo ṣe fìdí gbọ̀ngàn ìnáwó ìyá wa múlẹ̀ n'Íbàdàn

Nígbà tí ìyá wa fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, a pín iṣẹ́ ìnáwó náà láàrin ara wa. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ, èyí tó tẹ̀lé e gba aṣọ ẹbí, gbọ̀ngàn wá já mọ́ mi lọ́wọ́. Láti oṣù kẹjọ ni a ti san àsansílẹ̀ 540,000 náírà, gbogbo ilé sì gbà pé ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ti parí. Kò tíì parí o. Ìwé owó kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ mánéjà ibẹ̀. Kí n tó san owó tó kù, mo fẹ́ rí nǹkan mẹ́rin lórí ìwé: ọjọ́, àkókò tí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ máa wọlé, iye èèyàn tí inú rẹ̀ máa gbà bí a bá to tábìlì sí i, àti iye tí a ṣì jẹ wọ́n gan-an. Ìnáwó ku bí oṣù kan àti ààbọ̀ nígbà tí mo gbéra.

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti bá nǹkan. “Ọjọ́ Ẹtì, 22, oṣù kọkànlá, 2025” ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé owó náà. Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2025 kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ní 2024 ni 22 bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó tẹ ìwé náà kàn lo ìwé ọdún tó kọjá, ó sì yí ọdún nìkan padà. Nígbà tí mo fi hàn án, mánéjà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, 22 náà la mọ̀ sí yín.” Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ wo ìwé ńlá tí ẹ ń kọ orúkọ sí. Ìdí tí mo fi fẹ́ rí ìwé yẹn ni pé bí ọjọ́ àti orúkọ ọjọ́ bá ta kora, ẹlòmíràn lè mú ọ̀kan kó sì di tirẹ̀ mú, kò sì sí irọ́ lẹ́nu ẹnì kankan.

Nínú ìwé náà, orúkọ wa wà ní ojú ewé ọjọ́ Àbámẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó fi báírò tẹ̀ ẹ́ lójú mi, ó kọ nọ́ńbà rìsíìtì wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì yà á ní fọ́tò. Mo wá wo ojú ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bèèrè. Ìnáwó kan wà ní ọjọ́ Ẹtì tí yóò parí ní agogo 10 alẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ìjọ kan ló máa ń háyà ibẹ̀ fún ìsìn òwúrọ̀. Nítorí náà, a há sáàárín: a kò lè tètè wọlé, a kò sì lè fi ẹrù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ohun tó wà lórí ìwé ni “agogo 8 òwúrọ̀ sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́”. Lójú ẹni tó ń kà á lásán, wákàtí 10 pọ̀. Àmọ́ inú wákàtí 10 yẹn náà ni wọ́n ka ìtòlẹ́sẹẹsẹ àti ìpalẹ̀mọ́ sí. Mo pe obìnrin tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún wa. Ó ní òun nílò nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lórí àkàbà láti ta aṣọ sójú àjà àti láti gbé férémù ẹ̀yìn ìjókòó ìyá ọlọ́jọ́ìbí dúró, tábìlì kankan kò sì gbọ́dọ̀ tíì wọlé nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ tábìlì àti àga láṣọ, wákàtí mẹ́ta mìíràn nìyẹn. Bí a bá wọlé ní agogo 8, agogo 2 ọ̀sán la máa ṣetán, agogo 12 ló sì wà lórí káàdì ìpè. Àwọn onílù náà kò tíì gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ o.

Mo padà sọ́dọ̀ mánéjà. Èyí tí a jọ fẹnu kò sí ni pé àwọn ọlọ́ṣọ̀ọ́ máa wọlé ní agogo 11 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì di agogo 2 òru fún iṣẹ́ àjà àti férémù nìkan, kí wọ́n sì padà wá ní agogo 6 òwúrọ̀ fún tábìlì. Ó kọ́kọ́ pe 60,000 náírà fún àfikún àkókò yẹn, a ná an títí ó fi di 45,000. Mo ní kí ó fi ohun mẹ́ta kún un kí owó yẹn tó jẹ́ owó. Àkọ́kọ́, àwọn tó ṣe ìnáwó ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ ti tú ọ̀ṣọ́ tiwọn, kí wọ́n sì ti gbálẹ̀, torí ọlọ́ṣọ̀ọ́ wa kì í gba owó láti tú ọ̀ṣọ́ ẹlòmíràn. Èkejì, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bí iná ìjọba bá lọ lóru, torí kò sẹ́ni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù gun àkàbà. Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà fóònù mẹ́gàádì tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mánéjà máa ti sùn nílé rẹ̀ ní agogo 11 alẹ́, mẹ́gàádì tí a kò sọ fún kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ tó kún fún aṣọ.

Mo tún bi í pé kí ni agogo 6 ìrọ̀lẹ́ túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ó ní orin yóò dákẹ́ ní agogo 6, kí gbogbo ẹrù sì ti jáde ní agogo 8. Bí orin bá kọjá 6, 50,000 náírà ni wákàtí kan, ìṣẹ́jú 10 sì ti di wákàtí kan lójú wọn. Mo sọ èyí fún olórí àwọn onílù níṣojú ẹ̀gbọ́n mi, nítorí onílù tí wọ́n ń náwó fún kì í wo aago.

Ọ̀rọ̀ iye èèyàn ló gbà mí lákòókò jù. “Èèyàn 500” ni wọ́n kọ sí pátákó wọn. Mo mú tépù dání, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọn inú rẹ̀: mítà 24 ní gígùn, mítà 18 ní fífẹ̀, èyí jẹ́ mítà 432 níbùú lóròó. Lóòótọ́, èèyàn 500 lè jókòó síbẹ̀ bí a bá to àga nìkan ní ìlà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òwàǹbẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì róbótó tí èèyàn 10 ń jókòó yí ká, pẹ̀lú àga rẹ̀ àti àyè tí ẹni tó ń gbé àwo oúnjẹ máa gbà kọjá, ń gba bíi mítà 3.2 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tó mítà 10 níbùú lóròó. Tábìlì 30 ti jẹ 300 nìyẹn. Mítà bí 130 tó kù ni pèpéle, ojú ijó, àwọn onílù àti ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ máa pín. Èèyàn 300 ni inú yẹn gbà fún irú ìnáwó wa. Nígbà tí mo bi mánéjà iye tábìlì tí wọ́n ní, ó ní 30. Ìṣirò bára mu.

Ohun kan tún wà tí mo rí nígbà tí a ń wọn ilẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà lẹ́yìn ibi tí ọlọ́ṣọ̀ọ́ fẹ́ gbé férémù rẹ̀ sí gan-an. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ibẹ̀ ni ìlàjì àwọn tó wà níwájú máa sá gbà. A sún férémù náà sí apá òsì, ọlọ́ṣọ̀ọ́ sì kùn díẹ̀ pé fọ́tò kò ní gún régé. Ó gún.

Èèyàn 350 la fún ní káàdì, kí a má tíì ka àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Mo bèèrè bóyá a lè ta kánópì síta. Wọ́n gbà fún méjì, ní apá ọ̀tún ọgbà nìkan, torí apá kejì ni ọkọ̀ ń gbà wọlé. Àga 50 wọ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí náà ní láti wọ inú ìwé, nítorí ẹni tó gbà lẹ́nu lè má wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku owó. Owó gbọ̀ngàn jẹ́ 900,000, owó ìdógò tí wọ́n máa dá padà bí a kò bá ba nǹkan jẹ́ jẹ́ 150,000. Wọ́n ti fi owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, 7.5 nínú 100, lé àpapọ̀ méjèèjì, ó di 78,750. Mo ní kí wọ́n tún un wò: owó ìdógò kì í ṣe iye ohun tí wọ́n tà fún wa, owó wa ni, a kàn fi pamọ́ sọ́wọ́ wọn. Lórí 900,000, owó orí náà jẹ́ 67,500. Akọ̀wé owó wọn gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Pẹ̀lú 45,000 ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,162,500. Yọ àsansílẹ̀ 540,000 kúrò, ó ku 622,500.

Mánéjà fi nọ́ńbà akáǹtì ara rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n san 45,000 síbẹ̀, “kó lè yá”. Mo dúpẹ́, mo sì ní gbogbo owó máa lọ sí akáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà lórí rìsíìtì. Kí n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, mo kọ èyí sí wọn lórí Wáásàpù àti ímeèlì:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fìdí èyí múlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22, oṣù kọkànlá, 2025. Ọ̀ṣọ́: agogo 11 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì 21 sí agogo 2 òru, àti láti agogo 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn yóò ti ṣófo, iná yóò sì wà. Orin dákẹ́ ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́, ẹrù jáde ní agogo 8. Èèyàn 300 nínú ilé, tábìlì 30, àga 300; kánópì méjì ní apá ọ̀tún. Owó tó kù: 622,500 náírà, 150,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdógò tí ẹ máa dá padà láàrin ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bí gbọ̀ngàn kò bá ṣeé lò lọ́jọ́ náà láti ọ̀dọ̀ yín, gbogbo owó wa padà.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló fa ìdádúró, torí mánéjà ní àfi kí òun bi ẹni tó ni gbọ̀ngàn. Ó bi í, wọ́n gbà, wọ́n sì fèsì pẹ̀lú ìwé owó tuntun tí ọjọ́ rẹ̀ tọ̀nà. Mo san owó náà lọ́nà méjì: 472,500 lọ́tọ̀, 150,000 lọ́tọ̀, mo sì kọ “ìdógò, 22 oṣù kọkànlá” sí ara èkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà da á pọ̀ mọ́ owó gbọ̀ngàn nígbà tí a bá ń béèrè rẹ̀. Mo gba rìsíìtì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ti ìnáwó àkọ́kọ́ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kúrò. Mẹ́gàádì ti mọ̀ pé a ń bọ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ọkọ̀ wa, wọ́n sì ti ta aṣọ àjà tán kí agogo 2 tó lù. Lọ́jọ́ kejì, kánópì méjèèjì kún bámúbámú. Àga ike méjì kán lábẹ́ èyí tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pín ohun mímu. Wọ́n yọ 12,000 náírà fún àga, wọ́n sì dá 138,000 tó kù padà ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e.