Bí Mo Ṣe Tọ Ipa Ìrora Dé Gbòǹgbò Iṣan Tó Há

Bàbá àgbẹ̀ kan láti ẹ̀bá Kàbà wá sí yàrá fisiotẹ́rápì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ọ̀tún ń dùn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ebè iṣu. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka kan tọ ọ̀nà tí ìrora náà ń gbà, títí dé ibi tó parí sí." Ìka wọn gbéra láti ìdí, ó gba ẹ̀gbẹ́ itan, ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òde ojúgun, ó gba òkè àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì dúró lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ orúnkún ni mo fọkàn sí jù, nítorí pé ìrora ìdí àti itan lè ti ara gbòǹgbò iṣan púpọ̀ wá, ìyẹn ibi tí àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti agbára lọ sí ẹsẹ̀ ti ń jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tó bá dé àtàǹpàkò sábà máa ń tọ́ka sí gbòǹgbò karùn-ún ti ìbàdí, tí a ń kọ ní L5. Tó bá jẹ́ S1 tó tẹ̀ lé e ni, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún ni ì bá gbà dé ọmọ ìka tó kéré jù.

Ṣùgbọ́n ààlà àwọn gbòǹgbò wọ̀nyí máa ń wọnú ara wọn, nítorí náà mo dán agbára ẹsẹ̀ wò. Bàbá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi gìgísẹ̀ rìn, iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún ń já wálẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ kò sì lè dúró lókè nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi òòlù kékeré lu iṣan gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ta bákan náà. Ká ní S1 ni, ti ọ̀tún ì bá rẹlẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè fojú fò: iṣan tó yí ọrùn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ojúgun ká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde orúnkún, lè há fún ẹni tó ń lóṣòó pẹ́, ẹsẹ̀ náà á sì máa já wálẹ̀ bákan náà. Mo ní kí bàbá yí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú, kí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kí wọ́n gbé gbogbo ẹsẹ̀ sókè. L5 ló ń bá iṣẹ́ méjèèjì lọ, iṣan ẹ̀gbẹ́ orúnkún yẹn kò sì sí níbẹ̀. Méjèèjì ni kò lágbára, nítorí náà ìbàdí ni ìṣòro náà ti wá. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ wọn sókè ní nína, ìrora náà sáré kọjá orúnkún kó tó dé ìdajì ọ̀nà, èyí tó bá gbòǹgbò iṣan tó há mu.

Díìsìkì, ìyẹn ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn, èyí tó wà láàárín egungun ìbàdí kẹrin àti karùn-ún, ni mo fura sí jù, torí pé nígbà tó bá yọ sẹ́yìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, L5 tó ń kọjá lọ sísàlẹ̀ ló máa ń tẹ̀. L4 ti jáde lókè. Àmọ́ díìsìkì ìsàlẹ̀ lè mú L5 náà bó bá yọ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, fọ́tò inú ara ló sì lè fìdí èyí múlẹ̀. Kò sí àmì pàjáwìrì: bàbá ń tọ̀ dáadáa, ojú ara wọn kò sì pàdánù ìmọ̀lára. Ṣùgbọ́n nítorí ẹsẹ̀ tí kò lágbára, mo kọ lẹ́tà sí dókítà egungun lọ́jọ́ náà gan-an.